Ímeèlì ìwáṣẹ́ sí báǹkì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ní Ìkòròdú

Àwọn tó ń wá tẹ lẹ́tà lọ́dọ̀ wa ní Sábó ló ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ dé tí wọ́n sì fẹ́ wọ báǹkì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. A kó wọn jọ síbí kí ẹ lè kà wọ́n kí ẹ tó dé, kí a má baà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú.

Ṣé ímeèlì yìí náà ni lẹ́tà ìwáṣẹ́, àbí lẹ́tà mìíràn tún wà?

Òun náà ni. Bí ìkéde bá ní kí ẹ fi sí-fíì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì kan, ohun tí ẹ bá kọ sínú ímeèlì yẹn ni lẹ́tà yín. Kò sí ìdí tí ẹ óò fi tún tẹ lẹ́tà mìíràn, kí ẹ so ó mọ́ sí-fíì, kí ẹ wá kọ "ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fáìlì tí mo so mọ́ ọn" nìkan sínú ímeèlì. Ẹni tí ìwé ìwáṣẹ́ wọ́ jọ níwájú rẹ̀ kò ní ṣí fáìlì méjì fún ẹni tí kò tíì bá a sọ nǹkan kan.

Bí ìkéde bá dárúkọ lẹ́tà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ so ó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ fi ìfihàn kúkúrú nípa ara yín, gbólóhùn mẹ́ta péré, sínú ímeèlì síbẹ̀.

Ṣé gbogbo báǹkì ló ń gba ímeèlì?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá ló ti gbé ìgbanisíṣẹ́ wọn lọ sórí pọ́tà. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti fi orúkọ sílẹ̀, tí ẹ óò kún fọ́ọ̀mù, kí wọ́n tó pè yín sí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Bí ìkéde bá ní pọ́tà ni, ẹ má fi ímeèlì dípò rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò bá yín gbé e láti inú ímeèlì lọ sórí pọ́tà. Àwọn báǹkì kéékèèké, àwọn báǹkì alábọ́ọ́dé, àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá báǹkì gba òṣìṣẹ́ ló ṣì máa ń fi àdírẹ́sì ímeèlì síta.

Síbẹ̀, ìfihàn tí a ń sọ yìí kò ní ṣòfò. Pọ́tà púpọ̀ ní àpótí kan tí wọ́n ti ń ní kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa ara yín ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ kan. Gbólóhùn mẹ́ta kan náà ni ẹ óò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Kí ni kí n kọ sí àkọlé ímeèlì?

Ipò tí ẹ ń wá, orúkọ yín, àti nọ́ńbà ipò náà bí ìkéde bá fún un ní nọ́ńbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìkéde bá sọ àkọlé tí wọ́n fẹ́, ẹ dà á kọ bó ṣe wà gan-an, nítorí àkọlé yẹn ni wọn yóò fi wá ímeèlì jáde láàárín àwọn yòókù. Bí wọn kò bá sọ, irú èyí tó:

```
Application: Graduate Trainee – Orukobaba Oruko
```

Àkọlé tó ṣófo ló burú jù. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àkọlé tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ látòkèdélẹ̀, bí ẹni ń pariwo lójà.

Ta ni kí n kí, tí n kò mọ orúkọ ẹni tí yóò kà á?

`Dear Sir/Ma` ni gbogbo ènìyàn ń kọ, kò sì ní pa yín lára. Ṣùgbọ́n `Ma` yẹn, ẹnu la ti ń lò ó, kì í ṣe nínú lẹ́tà iṣẹ́. `Dear Recruitment Team` tàbí `Dear Hiring Manager` dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìkéde bá dárúkọ ènìyàn kan, orúkọ ìdílé onítọ̀hún ni kí ẹ fi kí i, kí ẹ sì yẹ sípẹ́lì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fi "mo kí yín ní orúkọ Olúwa" àti "mo nírètí pé ara yín le" sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni lóòótọ́, àmọ́ lórí fóònù, ìlà méjì àkọ́kọ́ ló máa ń hàn lábẹ́ àkọlé kí wọ́n tó ṣí ímeèlì. Bí ìkíni bá gba ìlà méjèèjì, wọn kò tíì mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìfihàn náà, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?

Gbólóhùn mẹ́ta tó. Àkọ́kọ́ yóò sọ ẹni tí ẹ jẹ́: ohun tí ẹ kọ́, ilé ẹ̀kọ́, ipele tí ẹ fi jáde, ọdún tí ẹ parí, àti pé ẹ ti sin iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tán. Èyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá ẹ tilẹ̀ kúnjú ohun tí ìkéde béèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá a kiri nínú sí-fíì.

Ìkejì ni ẹ̀rí. Ẹ óò mú nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ ti ṣe, tó jọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní báǹkì, kí ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí: ibi tí ẹ ti ṣe é, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín. Ìkẹta yóò sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti pé ẹ ti ṣetán fún un. Lẹ́yìn náà, ìpínrọ̀ kékeré kan lè tẹ̀ lé e nípa sí-fíì tí ẹ so mọ́ ọn àti nọ́ńbà fóònù yín, ó parí. Bí gbogbo ímeèlì bá ti ń lọ sí igba ọ̀rọ̀, ẹ ti ń tún sí-fíì kọ nìyẹn.

Gbólóhùn kejì ni iṣẹ́ wà. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó ń wá iṣẹ́ yìí ló ní irú rẹ̀, torí báǹkì ló sọ ohun tí òun fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta náà kò lè yàtọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ní wákàtí kan láti fi kọ ímeèlì yìí, ẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí gbólóhùn kejì.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní LASU, tó fi tú-wọ̀nù jáde, tó sin iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama kan. Láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ ló ti ń bá àǹtí rẹ̀ dúró ní ìsọ̀ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ní Sábó. Ohun tí irú rẹ̀ sábà máa ń kọ wá nìyí, tí a bá yí i sí Yorùbá (Gẹ̀ẹ́sì lẹ óò fi kọ tiyín sí báǹkì):

"Mo jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kára, tó lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, tó sì lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. Mo gbàgbọ́ pé ìmọ̀ àti ìrírí mi yóò wúlò fún ilé iṣẹ́ ńlá yín. Inú mi yóò dùn gan-an bí ẹ bá lè fún mi ní àǹfààní yìí."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí ẹ fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, kò ní yí padà. Ìdánwò tí a máa ń fi wò ó nìyẹn: gbólóhùn tí ọmọ kíláàsì yín lè fọwọ́ sí láì yí nǹkan kan padà, ẹ pa á rẹ́.

A bi ọmọ náà ní ohun tó ń ṣe ní ìsọ̀ ní alẹ́. Ó ní "mo kàn máa ń ka owó ni." A ní kó ṣàlàyé. Bí àǹtí bá gbé ₦300,000 sílẹ̀ ní àárọ̀, ₦180,000 yóò wà lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí káàṣì, ₦120,000 yóò sì wà nínú àkáǹtì ẹ̀rọ. Láàárín ọjọ́, bí ènìyàn bá gba owó, káàṣì á dín, ti ẹ̀rọ á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ní kó bá wọn fi owó ránṣẹ́, òdì kejì ni. Ní alẹ́, àròpọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦300,000 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí oníbàárà san, lẹ́yìn tí a bá yọ ohun tí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ gé. Bí owó iṣẹ́ ọjọ́ náà bá jẹ́ ₦5,600, tí wọ́n gé ₦1,300, ₦4,300 ló kù. Nítorí náà, bí káàṣì bá jẹ́ ₦95,000, ₦209,300 ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ.

A tún bi í pé bí ẹ̀rọ bá ní ₦199,300 ńkọ́? Ó ní ₦10,000 ti há nìyẹn: ẹnìkan ti gba owó, ẹ̀rọ ti tẹ rìsíìtì jáde pé ó lọ, òun ti ka káàṣì fún un, ṣùgbọ́n owó kò tíì wọlé sí àkáǹtì ìsọ̀. Òun á ṣí àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, á máa fi rìsíìtì wé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tí kò wọlé, á wá fi nọ́ńbà RRN tó wà lórí rìsíìtì yẹn fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, á sì máa lé e títí owó yóò fi wọlé. Ohun tí akáwó báǹkì ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ń pa àpótí owó rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́: owó ọwọ́ gbọ́dọ̀ bá owó inú ìwé mu, bí kò bá sì mu, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Ọmọ yìí ti ń ṣe é, àmọ́ kò mọ̀ pé ó yẹ ní sísọ.

Èyí tó kọ lẹ́yìn náà nìyí:

"Mo gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní LASU ní ọdún 2024 pẹ̀lú tú-wọ̀nù, mo sì parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ọdún 2025. Fún ọdún méjì ni mo fi ṣe àbójútó ìsọ̀ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń mú káàṣì àti owó inú ẹ̀rọ bára mu ní alaalẹ́, tí mo sì ń tọpa owó tó bá há títí yóò fi wọlé. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ báǹkì láti ìpìlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo sì ti ṣetán fún ìdánwò yín àti fún ẹ̀ka yòówù tí ẹ bá gbé mi lọ.

Sí-fíì mi wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. Ẹ lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣeun."

Kò sọ níbì kankan pé òun jẹ́ olóòótọ́ tàbí pé òun lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. Ẹni tó bá ka gbólóhùn kejì yóò rò ó fúnra rẹ̀. Yóò sì ní ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun tí ọmọ náà sì mọ̀ dáadáa ni.

Èmi kò ṣe pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, n kò sì ṣiṣẹ́ ibì kankan rí. Kí ni n óò fi ṣe ẹ̀rí?

Ẹ wá ibi tí owó tàbí àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn ti wà lọ́wọ́ yín rí, tàbí ibi tí ẹ ti ní láti fi sùúrù ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí inú ń bí. Akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ jẹ́? Ẹ sọ iye ènìyàn tó ń san owó, àti bí ẹ ṣe jíhìn rẹ̀ ní ìparí ọdún. Ẹ ń bá màmá yín kọ ìwé àwìn ní ìsọ̀ ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tàbí ẹ ń bá bàbá yín kọ ìwé ọjà ní Agbálátà ní Àgbádárìgì? Ìwé àwìn ni ìwé ìyánilówó: ta ló jẹ, èló ló ti san, ọjọ́ wo ló ṣèlérí. A ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gba àjọ fún àwọn obìnrin ọjà, tó fi í pamọ́ kúrò nínú sí-fíì rẹ̀ nítorí ojú ń tì í. Ẹni tí àwọn oníṣòwò ń kó owó lé lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ni báǹkì ń wá.

Bí ẹ bá kọ́ni nígbà iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ẹ má kàn sọ pé ẹ kọ́ni. Kíláàsì wo, iṣẹ́ wo, ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Iye tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ tí ẹ lè tún sọ lójú wọn.

Ẹ má ṣe sọ ohun kékeré di ńlá o. Ẹni tó bá bá àǹtí rẹ̀ dúró ní ìsọ̀ kì í ṣe "ọ̀gá àgbà ìṣúná". Ẹni tó ń ka ímeèlì náà mọ bí ìsọ̀ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ṣe rí.

Báwo ni mo ṣe lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú kó má dà bí ìgbéraga? Wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í yin ara rẹ̀ níwájú àgbà.

Àwọn ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé ni ìbéèrè yìí máa ń dà láàmú jù. Ẹ wo ibi tí ìwà méjèèjì ti yà: ẹni tó ń gbéra ga ń sọ ohun tí ó jẹ́, ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú ń sọ ohun tí ó ṣe. "Èmi ni ẹni tó yẹ jù fún ipò yìí" jẹ́ ìgbéraga, nítorí ẹ kò mọ àwọn yòókù tó ń wá a. "Mo ń mú káàṣì bá ìwé mu ní alaalẹ́ fún ọdún méjì" jẹ́ ìròyìn lásán. Kò sí àgbà tí yóò bínú sí i.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà, òun ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wa: ẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣàánú mi", "bí mi ò tilẹ̀ ní ìrírí", "ẹ dákun ẹ fún mi láyè". Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n, inú lẹ́tà kọ́ ni ìkúnlẹ̀ ti ń wúlò. Ẹ fi "mo fẹ́" rọ́pò "inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè". Ẹ fi "ẹ ṣeun" kan ṣoṣo parí rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú pé ẹ kò fi àkókò wọn ṣòfò.

Tú-tú ni mo fi jáde. Ṣé kí n dá a sọ nínú ìfihàn?

Ìkéde ni kí ẹ fi dáhùn. Bí ìkéde bá gba tú-tú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣàlàyé, kí ẹ kọjá sí ẹ̀rí yín. Àlàyé nípa àìsàn, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, tàbí ẹni tó kórìíra yín ní ẹ̀ka, kò sí àyè fún un níbí. Bí ìkéde bá ní tú-wọ̀nù sókè, ímeèlì dídùn kò ní yí i padà. Ẹ wá báǹkì tó gbà yín.

Ọjọ́ orí náà bẹ́ẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú ìkéde ìkọ́ṣẹ́ báǹkì ló máa ń fi òpin sí i, 26 sì wọ́pọ̀, àmọ́ ti báǹkì kan kò jọ ti èkejì. Ẹ má fi ọjọ́ orí sínú ìfihàn àyàfi bí wọ́n bá béèrè, ẹ má sì ṣe gé ọdún kúrò. Ìwé ìbí, ìwé girama àti NIN yóò pàdé lọ́jọ́ kan.

Ilé ẹ̀kọ́ mi ti yí orúkọ padà. Èwo ni kí n kọ?

Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín. Ní ọdún 2022 ni Pólì ìjọba Èkó tó wà ní Ìkòròdú di LASUSTECH, ọdún yẹn náà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ di ara LASUED. Bí ìwé yín bá ti wá láti ìgbà Pólì, Pólì ni ẹ óò kọ, kí ẹ wá fi kún un pé òun ló di LASUSTECH báyìí.

Ìdí rẹ̀ ni pé báǹkì máa ń kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ láti mọ̀ bóyá ìwé ẹ̀rí jẹ́ òótọ́. Bí orúkọ inú ímeèlì, inú sí-fíì àti orí ìwé ẹ̀rí kò bá bára mu, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ló kan orúkọ ti ẹ̀yin fúnra yín: bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, orúkọ orí ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ fi wáṣẹ́, títí dìgbà tí ẹ óò fi ní ìwé ìyípadà orúkọ.

Wọ́n ní Ìkòròdú ti jìnnà jù. Ṣé kí n lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè?

Bí ẹ kò bá gbé níbẹ̀, ẹ má lò ó. Báǹkì tó bá gbà yín yóò rán ènìyàn wá wo ilé yín, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n débẹ̀ kí ará ilé ní òun kò mọ̀ yín. Ìfihàn tilẹ̀ kò nílò àdírẹ́sì. Sí-fíì ni àyè rẹ̀. Gbólóhùn kẹta tó sọ pé ẹ ti ṣetán fún ẹ̀ka yòówù ti dáhùn ohun tó lè kọ wọ́n lóminú.

Ẹ rí i pé òótọ́ ni kí ẹ tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní Kánò, Kánò ni. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá sí ìdánwò ní Erékùṣù Èkó ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀bútẹ́ lọ sí Máríínà ló máa ń gbani lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì Twẹ́ẹ́fù, àmọ́ ẹ tètè dé ibùdókọ̀, èrò àárọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Orí fóònù ni mo ti ń ṣe é. Kí ló máa ń bàjẹ́?

Orúkọ báǹkì mìíràn ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ kọ sí báǹkì kan lánàá, ẹ da lẹ́tà náà kọ lónìí, ẹ yí orúkọ padà lókè, ẹ gbàgbé èyí tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ kà á bí ẹni tí kò mọ̀ yín. Ẹ óò tún rí i níbẹ̀ bí fóònù bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí orúkọ yín padà. A ti rí `Bisi` tó di `Busy`. Bákan náà, ẹ má to àdírẹ́sì báǹkì mẹ́fà sójú kan. Gbogbo wọn ni yóò rí ara wọn.

PDF ni kí sí-fíì jẹ́, kì í ṣe fọ́tò tí ẹ yà lórí bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó bá gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ ẹni tó ni ín:

```
Orukobaba_Oruko_CV.pdf
```

Bí wọn kò bá béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ má so ó mọ́ ọn. Fọ́tò ìwé ẹ̀rí máa ń wúwo, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ti dín ìwọ̀n tí ímeèlì wọn lè gbà kù. Ẹ̀rọ yóò dá a padà, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti lọ. Ẹ padà wo àpótí ímeèlì yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan bóyá ó ti padà wá. Àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹ ṣí nígbà tí ẹ wà ní girama, irú èyí tó ní "swagboy" nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Orúkọ yín ni kó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan mọ máníjà ẹ̀ka wọn ní Ìkòròdú. Ṣé kí n dárúkọ rẹ̀?

Bí máníjà náà fúnra rẹ̀ bá ti ní kí ẹ dárúkọ òun, ẹ fi gbólóhùn kan sọ ọ́ lẹ́yìn ìfihàn, kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe é. Wọn yóò pè é, bó bá sì ní òun kò mọ̀ yín, òun kọ́ ló máa bàjẹ́ fún. Lọ́pọ̀ báǹkì, kì í ṣe máníjà ẹ̀ka ló ń gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́, orílé-iṣẹ́ ni. Ohun tó lè ṣe fún yín ni pé kó sọ fún yín ìgbà tí ìgbanisíṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ipò náà jẹ́ ti báǹkì gan-an tàbí ti kọ́ńtíráàtì lábẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Èyí ṣe pàtàkì: owó oṣù àti ọ̀nà ìgbéga méjèèjì kò jọra. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń wá kí ẹ tó kọ "ìkọ́ṣẹ́" sí àkọlé.

Wọ́n ti dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí n sì fi BVN mi ránṣẹ́. Ṣé báǹkì ni?

Kì í ṣe báǹkì. Báǹkì kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, kì báà jẹ́ ti fọ́ọ̀mù, ti ìdánwò, ti aṣọ tàbí ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n fi kọ̀wé, lẹ́yìn àmì `@`. Ti báǹkì máa ń parí sí orúkọ ìkànnì báǹkì náà gan-an. Àwọn oníjìbìtì á lo `gmail.com`, tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bíi `careers` lẹ̀ mọ́ orúkọ báǹkì kó lè jọ ọ́. Ẹ tẹ orúkọ ìkànnì báǹkì fúnra yín kí ẹ wò ó bóyá ìkéde náà wà níbẹ̀.

BVN, NIN, nọ́ńbà káàdì, ìkankan wọn kò ní iṣẹ́ nínú ímeèlì ìwáṣẹ́ tàbí sí-fíì. Bí báǹkì bá ti gbà yín, wọn yóò béèrè ohun tí wọ́n nílò lórí fọ́ọ̀mù wọn.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò fèsì. Ṣé kí n tún kọ?

Bí ìkéde bá sọ pé àwọn tí wọ́n bá yàn nìkan ni wọn yóò kàn sí, ẹ má kọ. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n ti pa ìwáṣẹ́ dé. Ẹ dáhùn lórí ímeèlì tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí tàtijọ́ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ gbólóhùn méjì: ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ipò tí ẹ wá, pẹ̀lú pé ẹ ṣì fẹ́ ẹ.

Ẹ máa wo àpótí sípáàmù yín náà. Ibẹ̀ ni ìpè sí ìdánwò máa ń bọ́ sí nígbà mìíràn, àwọn ìpè yẹn sì máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n ń pa dé. Bákan náà, ẹ má pa nọ́ńbà tí ẹ kọ sí sí-fíì tì nítorí dátà ìlà mìíràn pọ́ọ́kú.